Ẹ Yọ "Èmi Kò Ṣe Nǹkan Kan" Kúrò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fúnni Lámì-Ẹ̀yẹ

Ẹ̀yin àgbà inú Ìgbìmọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́dún yìí ló mú wa kọ lẹ́tà yìí ní gbangba. Iṣẹ́ àwa tí a kọ ọ́ ni pé kí a bá àwọn tó bá gba ẹ̀bùn tún ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wọn ṣe kó tó jáde, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni wàhálà ìwé yín ń já sí. Ohun mẹ́ta ni ẹ pa láṣẹ níbẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà nínú fọ́ọ̀mù. Kí ẹni náà gbé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ síta láàárín wákàtí 24. Kó sì lo àpẹẹrẹ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ dè é:

"Tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi gba àmì-ẹ̀yẹ yìí. Èmi kò ṣe nǹkan kan, ẹgbẹ́ mi ló ṣe gbogbo rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ràn mí lọ́wọ́."

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fẹ́ kí ẹ yí padà. Òwe tí ẹ fi há a láàárín kò burú, àmọ́ kò sọ ọwọ́ ta ni.

1. Gbólóhùn "èmi kò ṣe nǹkan kan"

Ẹni tó bá ka gbólóhùn yìí, ọ̀nà méjì ló lè gbà gbọ́ ọ. Bó bá gbà pé òótọ́ ni, yóò bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi gbé àmì-ẹ̀yẹ fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bó bá sì mọ̀ pé irọ́ ọmọlúwàbí ni, yóò ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù sí irọ́ ọmọlúwàbí bẹ́ẹ̀ náà, títí kan "ẹgbẹ́ mi ló ṣe gbogbo rẹ̀". Ibẹ̀ ni ìpalára náà wà. Ẹni tó fẹ́ gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ga ti ba ẹ̀rí tó fẹ́ jẹ́ fún wọn jẹ́ kó tó jẹ́ ẹ.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ irú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà bá ti ní òun kò ṣe nǹkan kan, àwọn èèyàn á dá a lóhùn pé, "Rárá o, ìwọ lo ṣe é! Ta ni ìbá ṣe é bí kì í bá ṣe ìwọ?" Ogójì èsì lè wà níbẹ̀, kí ogójì náà jẹ́ tirẹ̀. Ìyìn tó ní òun ń tì kúrò lọ́dọ̀ ara òun ti padà dé ní ìlọ́po méjì, ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé àwọn wo ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn oníbàárà wa pé kí wọ́n kọ iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ gbangba, ní irú ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi kọ ti àwọn yòókù. Bí òǹkàwé bá ti rí ohun tí o ṣe, kò ní ohun tó máa jà fún ọ lé lórí mọ́. Ojú rẹ̀ á wá kọjá sí orúkọ tó tẹ̀ lé tìrẹ.

"Mo darí iṣẹ́ náà" nìkan kò tó o. Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ jù ni "darí". Kí ni o pinnu? Kí ni o kọ̀? Kí ni o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe? Ẹni tó bá le dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò nílò láti fọ́nnu, kò sì nílò láti fi ara rẹ̀ pamọ́.

Ohun tí a ń béèrè: ẹ yọ gbólóhùn náà kúrò nínú àpẹẹrẹ yín. Ẹ kọ "sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, ní gbólóhùn méjì" síbẹ̀.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn mì

Èdè wa lè fi ẹni tó ṣe nǹkan pamọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Ẹ mú "a gé ohùn náà". "A" yìí lè jẹ́ èmi àti ìwọ, ó lè jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, bíi "a" inú òwe. "Wọ́n" náà rí bẹ́ẹ̀: "wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀" kò sọ ẹni tó jókòó túmọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò ṣe nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó ń jẹ́ kí gbogbo "a" tó wà níbẹ̀ wọ àpò ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lókè, torí òun nìkan ni òǹkàwé rí.

"Ràn mí lọ́wọ́" ló burú jù nínú wọn. Ohun tó ń sọ ni pé tèmi ni iṣẹ́ náà, ìwọ kàn fi ọwọ́ kàn án. Ìdánwò kan wà tí a máa ń lò. Bí apá iṣẹ́ yẹn bá bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó jáde, ta ni ẹ máa pè? Bó bá jẹ́ Tàmẹ̀dù ni, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó máa mọ ibi tí à á ti mú un, a jẹ́ pé Tàmẹ̀dù kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òun ló ni apá yẹn.

"Bá mi" ń tannijẹ ní ọ̀nà tirẹ̀. "Lágbájá bá mi kọ ọ́" lè túmọ̀ sí pé àwa méjèèjì la jọ kọ ọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé Lágbájá nìkan ló kọ ọ́, tó kọ ọ́ nítorí mi. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, "èmi àti Lágbájá la jọ kọ ọ́" ni kí ẹ sọ. Bó bá jẹ́ ti kejì, ẹ yọ "bá mi" dànù, kó ku "Lágbájá ló kọ ọ́".

Ẹ ṣọ́ra fún "ló" yẹn pẹ̀lú. "Lágbájá ló gé ohùn" ń sọ pé òun ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. "Lágbájá gé ohùn" kàn ń sọ ohun tó ṣe. Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni kejì. Bí ẹni méjì bá gé ohùn náà, tí ẹ wá kọ "Lágbájá ló", ẹni kejì á kà á, kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní gbàgbé. A ti rí ẹgbẹ́ tó tú ká lórí irú lẹ́tà méjì bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ rò pé oore lòun ń ṣe.

3. Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ètò rédíò alápá mẹ́fà kan lórí omi kànga gba àmì-ẹ̀yẹ. Olóòtú àgbà ni orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni mẹ́rin míì ló wà níbẹ̀: Tàmẹ̀dù tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò, Lágbájá tó ń gé ohùn, Làkáṣègbè tó ń túmọ̀, àti Lámọrín tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ètò náà tó jáde. Bí olóòtú bá tẹ̀ lé àpẹẹrẹ yín, kò sí ìkankan nínú mẹ́rin yìí tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ orúkọ rẹ̀. Báyìí la ṣe máa tún un kọ:

"A fún ètò wa lórí omi kànga lámì-ẹ̀yẹ. Inú mi dùn gan-an, torí iṣẹ́ náà dáa. Èmi ni mo dá a lábàá, mo kọ àkọsílẹ̀ apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èmi náà ni mo ní ká da apá kejì nù lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká tún un ṣe. Tàmẹ̀dù ló fọ̀rọ̀ wá ẹni 31 lẹ́nu wò; kò sí ìbéèrè tèmi kankan nínú apá kẹrin. Lágbájá ló yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo ti ní ká gé sọnù. Làkáṣègbè ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí. Òun ló rí i pé 'omi náà korò' ni obìnrin kan sọ, níbi tí mo ti kọ 'omi náà ní májèlé'. Lámọrín ló wá àwọn oníkànga kàn, tó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa kí ètò náà tó jáde, àmọ́ láìsí àṣẹ yẹn a kò ní ètò."

Ẹ wò ó bí ó ṣe kúrú tó. Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé kò sí àyè láti dárúkọ èèyàn.

"Torí iṣẹ́ náà dáa" ni gbólóhùn tí ẹ̀rù máa ń bà wọ́n láti kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní iṣẹ́ náà kò tó nǹkan ti dójú ti ẹni mẹ́rin tí wọ́n jọ ṣe é. Iṣẹ́ la sọ pé ó dáa, a kò sọ pé èèyàn dáa. Ìyẹn ló mú kó ṣeé gbọ́ létí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí olóòtú ti jẹ́wọ́ pé òun ì bá ti ba nǹkan jẹ́. Ó ti ní kí wọ́n gé ìṣẹ́jú mẹ́rin sọnù. Ó ti kọ "májèlé" síbi tí kò sí májèlé, ọ̀rọ̀ tó lè gbé wọn dé ilé ẹjọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ tòótọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà "ìrẹ̀lẹ̀" ti fara hàn. Ìṣírò ibẹ̀ rọrùn: kò sí bí o ṣe lè fi hàn pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju kí o sọ ohun tí yóò bàjẹ́ bí kò bá sí níbẹ̀. Àmọ́ àṣìṣe tìrẹ nìkan ni o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ. Bó bá jẹ́ Tàmẹ̀dù ló kọ "májèlé", olóòtú kò gbọdọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò sọ pé "àkọsílẹ̀ wa" kó sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ ó sì rí i pé a kò pe ẹnikẹ́ni ní akínkanjú tàbí ọ̀gá nídìí iṣẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn létí ẹni tí a pè é, kì í sọ ohunkóhun fún àjèjì tó ń kà á. "Ó yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ìṣẹ́jú mẹ́rin" lè gba iṣẹ́ tuntun fún Lágbájá lọ́la. "Akínkanjú" kò lè gba nǹkan kan fún un.

4. Àpótí orúkọ kan ṣoṣo

A mọ èsì tí ẹ máa ń fọ̀: ibi tó tóbi jù lọ náà ní ààlà. Òótọ́ ni. Òfin ẹ̀bùn Nobel kò gbà kí ẹ̀bùn kan ju ẹni mẹ́ta lọ. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ti dá sílẹ̀. Ní 1967, Jocelyn Bell Burnell, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ló kọ́kọ́ fojú rí àmì ìràwọ̀ kan tó ń sán lórí rédíò ní ìgbà déédéé. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1974, ọ̀gá rẹ̀ Antony Hewish ló gbà á, pẹ̀lú Martin Ryle. Kò sí orúkọ Bell Burnell níbẹ̀. Àádọ́ta ọdún ti lọ, àríyànjiyàn lórí orúkọ tí kò sí níbẹ̀ ṣì ń bá ẹ̀bùn náà rìn.

Ti 1923 jọ tiyín gan-an. Frederick Banting àti John Macleod ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn nítorí ínsúlíìnì, oògùn àtọ̀gbẹ. Banting pín ìdajì owó tirẹ̀ fún Charles Best, Macleod náà pín tirẹ̀ pẹ̀lú James Collip, torí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n owó ló ṣeé pín. Títí dòní, orúkọ méjì ló wà nínú ìwé ẹ̀bùn náà. Bí àpótí bá kéré, inú rere ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè mú kó fẹ̀.

Ó sì ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n kéde ní 2016 pé wọ́n ti rí ìgbì inú òfuurufú tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Einstein ti sọ tẹ́lẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, Nobel 2017 lọ sọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta: Rainer Weiss, Barry Barish àti Kip Thorne. Ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní Breakthrough ti ṣáájú ìyẹn: mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta ni, wọ́n fún àwọn olùdásílẹ̀ mẹ́ta ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì pín mílíọ̀nù méjì fún ẹni 1,012, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì wà lákọsílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ìgbìmọ̀ méjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀, fọ́ọ̀mù ni.

Nítorí náà, ẹ ṣe fọ́ọ̀mù onílà púpọ̀. Ìlà kan fún ẹnì kan, nǹkan mẹ́ta lórí ìlà: orúkọ bí ẹni náà ṣe ń kọ ọ́, ohun tó ṣe, àti apá iṣẹ́ tó ti ṣe é. Àwọn ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ti ní ètò kan tó pín iṣẹ́ sí ipa 14, tó ya ẹni tó kọ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó tún un ṣe, àti ẹni tó wá owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣe ìwádìí. Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi parí. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe é fún, kò sí awakọ̀ nínú 14 náà, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kan lè jẹ́ ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà tó lọ sí kànga.

Bí ẹgbẹ́ bá tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kò lè gbà wọ́n, a gbà. Kí orúkọ gbogbo wọn wà ní ojú ìwé kan tí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ máa tọ́ka sí, kí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fúnra rẹ̀ sì dárúkọ àwọn tó ṣe apá tí ẹ torí rẹ̀ fún wọn lámì-ẹ̀yẹ. Ó kù kí ẹ sọ apá wo ni. A máa dé ibẹ̀.

5. Wákàtí 24

Ìrántí ẹni tó ń yọ̀ kì í jìnnà. Ẹni tó wà nítòsí nígbà tí iṣẹ́ ń parí ló máa ń rántí. Àwọn tó wà níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti lọ, ni wọ́n máa ń sọnù. Lámọrín inú àpẹẹrẹ wa kì í já bọ́ nítorí ìkà. Ó máa ń já bọ́ nítorí pé ago mẹ́wàá alẹ́ ni olóòtú ń kọ ọ́, tí wákàtí méjì péré ló kù nínú 24 yín.

Ọjọ́ márùn-ún la fẹ́, láàárín ìgbà tí ẹ sọ fún wọn ní ìkọ̀kọ̀ àti ìgbà tí ẹ máa kéde. Lọ́jọ́ kìíní, kí olóòtú ṣí ìwé owó sísan, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àti ọjọ́ tó wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ ara rẹ̀ àti gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ ẹlòmíràn. Gbólóhùn kejì yẹn ló wúlò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dín iṣẹ́ ara wọn kù, ẹnu ẹlẹgbẹ́ wọn ni ẹ ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ọjọ́ kẹrin, kí gbogbo wọn ka èyí tí olóòtú kọ. Bí kò bá sí ẹni tó yí ohunkóhun padà láàárín wákàtí kan, ẹ má yọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kà á. Kí olóòtú pe ẹnì kan lórí fóònù, kó kà á fún un.

Ọjọ́ karùn-ún jẹ́ ti orúkọ. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bí òun ṣe ń fi àmì sórí orúkọ rẹ̀, torí orúkọ tí kò lámì lè di orúkọ ẹlòmíràn. Kí wọ́n sì béèrè bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun rárá. Àwọn kan wà tí orúkọ wọn ní gbangba lè kó wọn sí wàhálà, pàápàá àwọn tó ran iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ láti inú ilé iṣẹ́ tí à ń wádìí. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gba "ẹnì kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun ló fún wa ní ìwé náà". Òótọ́ ni, ó sì tó. Bí ẹnì kan bá ti kú, ìdílé rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún.

6. Ìdí tí ẹ fi yàn wọ́n

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n òun ló di gbogbo ìyókù mú. Ìwé yín kò sọ ohun tí ẹ rí nínú iṣẹ́ náà. "Fún iṣẹ́ takuntakun" lẹ kọ fún gbogbo wọn. Bí olóòtú kò bá mọ̀ bóyá ìtúmọ̀ lẹ yìn, tàbí ohùn, tàbí ìbéèrè Tàmẹ̀dù ní apá kẹrin, báwo ló ṣe máa gbé ìyìn náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í? Yóò gbà á mọ́ra nítorí kò mọ ibi tí à á fi í sí. Gbólóhùn mẹ́ta tó, láti ọwọ́ àwọn adájọ́ tó ka iṣẹ́ náà: apá tí wọ́n yìn, ìdí, àti ibi tí wọ́n ti rí i.

Fọ́ọ̀mù onílà púpọ̀ tí a sọ, a ti ya á sílẹ̀, a sì ti fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ń retí èsì kí ẹ tó ṣí ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ní ti àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́dún yìí, tí wọ́n sì ti lo àpẹẹrẹ yín, a bẹ̀ yín kí ẹ gbà wọ́n láyè láti tún un kọ, kí ẹ sì fi èyí tuntun rọ́pò rẹ̀ lójú ìwé yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí à ń tún ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ṣe